Orí Kẹfà: Nígbà Tí Ọjà Kan Bá Di Méjì Nínú Ìròyìn

Nínú gbogbo ìròyìn tí ọ́fíìsì náà ti kọ fún oníbàárà yìí, ti oṣù Kẹsàn-án ló dùn jù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé ìpolówó orí Google ta ọjà 310, pé owó ọjà náà jẹ́ ₦7,750,000, pé ₦1,200,000 péré sì ni wọ́n ná. Náírà kan tó jáde mú náírà mẹ́fà àti kọ́bọ̀ díẹ̀ wálé. Ní oṣù Kẹjọ, iye kan náà ni wọ́n ná, ọjà 148 péré ni ìpolówó sì tà. Àǹtí Fúnkẹ́, ọ̀gá ẹ̀ka ìpolówó, ti fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí oníbàárà, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i.

Ìtàn tí a hun fún orí yìí ni, a kò fi bú ọ́fíìsì kankan. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí, irinṣẹ́ tí a dárúkọ sì wà lóòótọ́. Oníbàárà inú ìtàn wa jẹ́ ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Itòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ ló ṣí ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún un pẹ̀lú WooCommerce. Kí ìṣirò má baà ṣòro, ẹ jẹ́ ká gbà pé ₦25,000 ni ọ́dà kọ̀ọ̀kan.

Bísí ni atúpalẹ̀ dátà tó kéré jù nínú ọ́fíìsì náà. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ pé kó yẹ ìròyìn wò. Wọ́n ní kó tò nọ́ńbà oṣù mẹ́ta pọ̀ fún ìròyìn tó ń bọ̀ ni, ìyẹn ló mú un béèrè gbogbo títà ìsọ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ ìyá aláàdìrẹ. Fáìlì dé láti inú WooCommerce. Ó ṣí i, ó ka ti oṣù Kẹsàn-án, ó tún un kà. Ọ́dà 236 ni.

Gbogbo ohun tí ìsọ̀ náà tà lóṣù yẹn ni 236 yìí: èyí tí ìpolówó mú wá, èyí tó gba Instagram wọlé, àti ti àwọn oníbàárà àtijọ́ tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ọ̀nà fún wọn. Báwo ni apá kan ṣe wá pọ̀ ju odindi lọ?

Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, nítorí pé nọ́ńbà Google Ads àti nọ́ńbà ìsọ̀ kì í sábà bá ara wọn mu, èyí kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá tẹ ìpolówó lónìí, tó lọ, tó wá padà wá ra aṣọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti ibòmíràn, Google Ads ṣì máa kà á mọ́ tirẹ̀, torí pé ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń fún ẹni tó bá tẹ ìpolówó, àyàfi tí ẹ bá yí i padà. Nítorí náà ìpolówó lè gba ògo tó ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí kò lè ṣe ni kó tà ju gbogbo ọjà tí ìsọ̀ tà lọ. Tí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ má wá àlàyé fún un nínú ọgbọ́n ìpolówó mọ́. Inú bí wọ́n ṣe ń ka ọjà ni kí ẹ ti wá a.

Ohun àkọ́kọ́ tí Bísí fura sí kì í ṣe pé táàgì méjì ń ka ọjà kan. Ọ́dà tí kò tíì sanwó ló fura sí, ìfura tó bọ́gbọ́n mu sì ni. Nínú WooCommerce, ẹni tó bá yàn pé òun máa san owó sí àkáǹtì báńkì máa ń dé ojú ìwé ìdúpẹ́ kí owó tó wọlé, ọ́dà rẹ̀ á sì wà ní `On hold`. Táàgì tó wà lójú ìwé yẹn kò mọ̀ bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé. Ó ti kà á. Nínú ìsọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yan ọ̀nà yìí tí wọn kì í sì í san, ìpolówó lè dà bí ẹni pé ó tà ju ìsọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá aláàdìrẹ ti ti ọ̀nà yẹn pa láti oṣù Keje nítorí wàhálà àwọn tó máa ń gba aṣọ pamọ́ láì sanwó. Káàdì nìkan ló kù. Bísí fa ìfura yẹn tì.

Ó wá lọ wo àwòrán tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ àkáǹtì ìpolówó. Níbẹ̀, títà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ìparí oṣù Kẹjọ. Ó wo ìtàn àtúnṣe Google Tag Manager: Bọ̀dá Ṣẹ́gun, tó ń bójú tó ètò ìpolówó, gbé táàgì tuntun síbẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án. Tí títà bá ti ń gòkè kí táàgì tó dé, táàgì kọ́ ló gbé e sókè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa fáìlì náà dé.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀ ju Bísí lọ ni àwòrán yìí máa ń tàn jẹ. Òpó tí Google Ads máa ń fi hàn lákọ̀ọ́kọ́, `Conversions`, kì í kọ títà sí ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà. Ọjọ́ tí oníbàárà tẹ ìpolówó ló ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó tẹ ìpolówó ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, tó sì ra àdìrẹ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, abẹ́ ọjọ́ 30 ni ẹ máa bá a. Bí wọ́n bá ń ka títà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ 5, ìlọ́po méjì yẹn á hàn ní ọjọ́ 30, nígbà tí táàgì kejì kò tíì sí láyé. Fún ìwádìí bí èyí, òpó tí ẹ nílò ni `Conversions (by conv. time)`, tó ń to títà sí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Orí òpó yìí náà ni wọ́n ti mú 310 inú ìròyìn, nítorí pé ọ́fíìsì yẹn máa ń fẹ́ kí oṣù wọn bá oṣù oníbàárà mu.

Nígbà tí Bísí yí òpó padà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 2 dákẹ́ jẹ́ẹ́: títà méjìlá lápapọ̀, ọjọ́ kan 7, ọjọ́ kejì 5. Láti ọjọ́ 3 ni nọ́ńbà ti fò sókè bí ìgbà tí èèyàn gun àkàsọ̀. Ó wá rí ohun kejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ka nọ́ńbà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún àkáǹtì lápapọ̀: 8, 12, 10, 14, 10, 6. Láti ọjọ́ 3 títí dé ọjọ́ 30, kò sí ọjọ́ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Ọjà kì í tà báyẹn. Tí ẹ bá pín nọ́ńbà yìí sí ìpolówó kọ̀ọ̀kan, ẹ lè má rí i, torí Google máa ń pín ògo títà kan láàárín ìpolówó méjì tàbí mẹ́ta, ìdá sì máa ń wọ inú rẹ̀. Iye gbogbo àkáǹtì lápapọ̀ ni kí ẹ wò.

Ó ṣẹ́ ku kó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó bẹ ọmọ ìyá aláàdìrẹ kó ṣí ọjà ìdánwò kan tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦100, tí kò hàn sí àwọn oníbàárà. Kò tẹ ìpolówó kankan kó tó wọ ìsọ̀ náà, kò sì yẹ kí ẹ̀yin náà tẹ̀ ẹ́: owó oníbàárà lẹ máa ná, ìdánwò yín á sì di títà nínú ìròyìn. Táàgì máa ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá dé ojú ìwé ìdúpẹ́. Google ló ń ya àwọn tó ti tẹ ìpolówó sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà. Lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ F12, ó yan `Network`, ó kọ èyí sínú àpótí àṣàyàn:

```
pagead/conversion
```

Ó sanwó, ojú ìwé ìdúpẹ́ ṣí, ìlà méjì sì jáde. Àwọn méjèèjì ń lọ sí `www.googleadservices.com`, `label=` kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Kí ẹ má baà ṣi nǹkan mú, táàgì kan ṣoṣo lè rán oríṣiríṣi ìránṣẹ́ lọ sí àwọn àdírẹ́sì Google mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ má kàn ka iye ìlà kí ẹ sì fi ké gbàjarè. Àwọn tí àdírẹ́sì àti `label` wọn jọra ni kí ẹ kà. Lẹ́yìn náà ẹ dá táàgì kan dúró, kí ẹ tún ìdánwò ṣe. Tí ó bá ku ìlà kan, ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́.

Níbo ni ìkejì ti wá? Bísí tẹ Ctrl+U láti rí orísun ojú ìwé náà, ó sì wá `AW-` nínú rẹ̀. Ó bá a níbẹ̀:

```
gtag('event', 'conversion', {
  'send_to': 'AW-000000000/AbCdEfGh',
  'value': 25000,
  'currency': 'NGN'
});
```

Ẹni tó kọ́ ìsọ̀ náà ti kọ kóòdù yìí sínú fáìlì ìsọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oníbàárà tó mọ ọ́fíìsì wọn rárá. Nígbà tí Bọ̀dá Ṣẹ́gun gbé ti Google Tag Manager dé, ó ṣe ìdánwò bó ṣe yẹ ní `Preview`, ó sì rí i pé táàgì òun ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òótọ́ ló rí. Ohun tó wà nínú àpótí tirẹ̀ nìkan ló wò, kóòdù tí wọ́n kọ tààrà sínú ìsọ̀ kò sí nínú àpótí yẹn. Bí ìgbà tí ènìyàn méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà òde ìnáwó tí oníkálukú ń ka àlejò sínú ìwé tirẹ̀ ni: kò sí èyí tó ṣì í kà, ẹni tó ro ìwé méjèèjì pọ̀ ló ṣìnà.

Ìṣirò kò ṣòro mọ́. Títà méjìlá ti ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 2 dúró bó ṣe wà. Nínú 310, ẹ yọ 12, ó ku 298. Ẹ pín in sí méjì, ó jẹ́ 149. Ẹ dá 12 padà sí i, ó di 161. Ọjà 161 ni ìpolówó tà, owó rẹ̀ jẹ́ ₦4,025,000, náírà kan sì mú ₦3.35 wálé. Ní oṣù Kẹjọ, ₦3.08 ló mú wá. Ẹ kíyè sí i pé oṣù Kẹsàn-án dára ju oṣù Kẹjọ lọ lóòótọ́. Ọjà mẹ́tàlá ni wọ́n fi tà jù ú lọ. Ẹni tó bá kàn pín 310 sí méjì láì wo ọjọ́ á sọ pé 155, á sì fi ọjà mẹ́fà jẹ òṣìṣẹ́ níyà.

Ọ̀rọ̀ bí ó ṣe máa sọ ọ́ ló wá kù. Kò fi í sí àárín ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Ó dúró di ìgbà tí Àǹtí Fúnkẹ́ dá wà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo nǹkan kan kí n tó fi oṣù mẹ́ta yẹn sílẹ̀."

"Kí ni?"

"Ìsọ̀ ta ọ́dà 236 lóṣù Kẹsàn-án mà. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀."

Àǹtí Fúnkẹ́ wo fáìlì náà pẹ́. "Wọn kò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ṣé o mọ àwọn oníṣòwò wa."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ mà. Àmọ́ mo ní kí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì ránṣẹ́ sí mi. 236 náà ló wà níbẹ̀, ₦5,900,000."

Kò dárúkọ Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó ṣe ìdánwò ₦100 lójú ọ̀gá rẹ̀, ìlà méjì sì jáde. Àǹtí Fúnkẹ́ ní kó tún un ṣe. Ìlà méjì tún jáde. Ọ̀gá náà dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì já ìwé náà kúrò lára pátákó kó tó pe oníbàárà.

Bí ẹ̀yin náà bá bá ara yín ní ipò Bísí, owó tó wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú ọ̀gá yín, kì í ṣe táàgì. Ọ̀gá lè bá yín jiyàn lórí kóòdù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí bó ṣe máa bá ₦5,900,000 tó wà ní báńkì jiyàn.

Àtúnṣe pín sí ọ̀nà méjì, kò sì yẹ kí ẹ ṣe ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yọ kóòdù inú fáìlì ìsọ̀, wọ́n sì fi ti Google Tag Manager sílẹ̀, torí òun ni ọwọ́ ọ́fíìsì lè tó láì pe ẹni tó kọ́ ìsọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi nọ́ńbà ọ́dà kún un. Lójú ìwé ìdúpẹ́, ìsọ̀ gbọ́dọ̀ kéde ọ́dà náà báyìí:

```
dataLayer.push({
  event: 'purchase',
  ecommerce: {
    transaction_id: '1847',
    value: 25000,
    currency: 'NGN'
  }
});
```

Wọ́n wá fi `ecommerce.transaction_id` kún àyè `Transaction ID` nínú táàgì náà. Láti ìgbà yẹn, bí ọ́dà 1847 bá tún dé lẹ́ẹ̀kejì, Google Ads á dá a mọ̀, kò sì ní kà á mọ́. Èyí ló ń tọ́jú àṣìṣe mìíràn tó fara pẹ́ ti tẹ́lẹ̀: oníbàárà tó tún ojú ìwé ìdúpẹ́ ṣí lọ́jọ́ kejì kó lè ya fọ́tò rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ká ní nọ́ńbà ọ́dà ti wà nínú táàgì méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ìròyìn kì bá tí wú.

Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú ọ́dà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da kóòdù àpẹẹrẹ kọ, tí '1847' wá di nọ́ńbà gbogbo ọ́dà ìsọ̀. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni pé títà inú ìròyìn á já lulẹ̀ lójijì, torí Google rò pé ọ́dà kan náà ni gbogbo ayé ń rà.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí àwọn èèyàn máa ń gbà, tí mo fẹ́ kí ẹ yàgò fún. Nínú ètò títà ní Google Ads, àyè kan wà tó ń jẹ́ `Count`, tó ní `Every` àti `One`. Tí ẹ bá yí i sí `One`, ìlọ́po méjì á lọ lójú ẹsẹ̀, torí pé títà kan ṣoṣo ni Google máa kà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá tẹ ìpolówó. Àmọ́ obìnrin tó ra àdìrẹ lọ́jọ́ Ajé, tó fẹ́ràn rẹ̀, tó tún padà wá ra mẹ́ta fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjà kan ni wọ́n máa kà fún un. `One` dára fún àwọn tó ń gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Ìsọ̀ tó ń ta ọjà, `Every` ló tọ́ sí i.

Nọ́ńbà ọ́dà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Inú ètò títà kan ṣoṣo ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ìsọ̀ yín bá ní ètò títà kan tí ẹ dá sílẹ̀ nínú Google Ads, tí ẹ sì tún mú `purchase` wọlé láti Google Analytics, ètò méjì ni wọ́n, `label` wọn kò jọra, Google kò sì ní bá yín da wọ́n pọ̀. Níbẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sí `Primary`, kí ẹ fi èkejì sí `Secondary`. Ti `Secondary` ṣì máa ń hàn nínú `All conversions`, kò kàn ní wọ inú `Conversions`.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìsọ̀ náà ń lo `Target ROAS`, èyí tí ẹ̀rọ Google fi ń pinnu iye tó máa san fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí owó tó retí pé yóò wọlé. Fún oṣù kan, wọ́n ti ń sọ fún ẹ̀rọ yìí pé ₦25,000 jẹ́ ₦50,000, ó sì ti ń fi ìgboyà sanwó lórí irọ́ náà. Nígbà tí òtítọ́ dé, ó rí i pé èrè ti dín sí ìdajì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Tí ẹ bá gbé irú ibi-àfojúsùn yìí ga nígbà tí nọ́ńbà ń wú, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tún táàgì ṣe, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn títà ìlọ́po inú oṣù Kẹsàn-án wà nínú àkáǹtì síbẹ̀. Google Ads ní ọ̀nà láti fagi lé títà, àmọ́ títà tí kò ní nọ́ńbà ọ́dà máa ń ṣòro láti mú. Ọ́fíìsì náà kọ àkọsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oṣù yẹn, wọ́n sì fi ìròyìn tuntun tó ní 161 rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá aláàdìrẹ kò bínú. Ó ní òun ti ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ òun ibi tí ₦7,750,000 yẹn wà.

Kí ẹ tó lọ sí orí keje, ẹ bẹ oníbàárà yín kó fi gbogbo ọ́dà tó gba owó lé lórí lóṣù tó kọjá ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ `Conversions (by conv. time)` oṣù kan náà.